Ìpín orí ọjà àti ìpín ilé-iṣẹ́ aládàáni: èwo ni kí ẹ mú, kí sì ni kí ẹ ṣe bí ilé-iṣẹ́ yín bá ń kúrò lórí ọjà?

Bí ìwé bá dé láti ọ̀dọ̀ alágbàtà yín pé ilé-iṣẹ́ tí ẹ ní ìpín nínú rẹ̀ ń kúrò lórí ọjà ìpín, ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn ni pé owó àwọn ti wọgbó. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Ilé-iṣẹ́ náà ṣì wà, ìpín yín ṣì wà, orúkọ yín ò sì tíì kúrò nínú ìwé àwọn onípìn-ín. Ohun tó ń lọ ni ibi tí ẹ ti lè tà á lọ́jọ́ tó bá wù yín. Mo fẹ́ fi ìpín orí ọjà wé ìpín ilé-iṣẹ́ aládàáni láti ibi ọ̀rọ̀ àtijáde yìí gan-an, torí ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wọn ti ń dun onípìn-ín kékeré jù lọ.

Nínú àkọsílẹ̀ yìí, ilé-iṣẹ́ aládàáni túmọ̀ sí ilé-iṣẹ́ tí ìpín rẹ̀ kò sí lórí ọjà kankan. Ó lè jẹ́ ti ìdílé kan, ó lè jẹ́ ti ọ̀rẹ́ mẹ́ta, ó sì lè tóbi ju ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó wà lórí ọjà lọ.

Ọjọ́ tí ẹ bá nílò owó yín

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ tí mo ṣe fúnra mi ṣàlàyé. Ilé-iṣẹ́ méjì wà tí èrè wọn dọ́gba. Ọ̀kọ̀ọ̀kan pín ara rẹ̀ sí ìpín 1,000,000, ó sì ń jèrè 2,000,000 dọ́là lọ́dún, ìyẹn dọ́là 2 lórí ìpín kan. Àkọ́kọ́ wà lórí ọjà, wọ́n sì ń ta ìpín rẹ̀ ní dọ́là 20. Èkejì jẹ́ ti aládàáni. Ẹ̀gbọ́n kan ní ìpín 500 nínú ti àkọ́kọ́, àbúrò rẹ̀ sì ní 500 nínú èkejì. Àwọn méjèèjì nílò owó lọ́sẹ̀ kan náà.

Ẹ̀gbọ́n pe alágbàtà rẹ̀, ó ta ìpín náà, ó rí nǹkan bí 10,000 dọ́là, wọ́n sì yọ owó alágbàtà níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, láti oṣù karùn-ún ọdún 2024, ọjọ́ iṣẹ́ kan lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n bá ta ìpín ni owó gbọ́dọ̀ ti wọlé. Kò mọ ẹni tó rà á, ẹni yẹn náà kò mọ̀ ọ́n.

Àbúrò ní láti kọ́kọ́ wá olùrà. Ó ṣí ìwé òfin ilé-iṣẹ́, ó rí i pé ó gbọ́dọ̀ fi ìpín náà lọ àwọn tó ti ní ìpín níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí ó tó lè tà á fún ará ìta, àti pé ìgbìmọ̀ olùdarí lè kọ̀ láti kọ orúkọ olùrà tuntun sínú ìwé. Àwọn yòókù mọ̀ pé kò ní ibòmíì tó lè gbà. Wọ́n ní àwọn máa san dọ́là 13. Bí ó bá gbà, 6,500 dọ́là ló máa gbé lọ, lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan. Bí kò bá sì gbà, kó dúró.

Èrè ilé-iṣẹ́ méjèèjì dọ́gba. Dọ́là 7 tó já kúrò lórí ìpín kọ̀ọ̀kan àbúrò ni owó ilẹ̀kùn àtijáde tí kò sí. Àwọn tó ń díye lé ìpín aládàáni mọ èyí dáadáa: wọ́n máa ń yọ nínú iye nítorí pé kò yá tà, wọ́n sì tún máa ń yọ bí ìpín náà kò bá pọ̀ tó láti darí ohunkóhun. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá fi ìpín aládàáni lọ̀ yín, tí ó sì ní kí ẹ san iye tí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń tà lórí ọjà, ẹ mọ̀ pé ó ń gba owó ilẹ̀kùn lọ́wọ́ yín láì fún yín ní ilẹ̀kùn.

Ohun tí ẹ lè rí, àti ohun tí ẹ lè sọ

Ilé-iṣẹ́ orí ọjà kò lè fi ìwé owó rẹ̀ pamọ́. Ní Amẹ́ríkà, ó gbọ́dọ̀ gbé ìròyìn jáde ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta nínú Fọ́ọ̀mù 10-Q, kí ó gbé ti ọdún jáde nínú Fọ́ọ̀mù 10-K pẹ̀lú ọwọ́ àwọn tó ń yẹ ìwé owó wò níbẹ̀. Bí nǹkan ńlá bá ṣẹlẹ̀ lójijì, bíi kí ọ̀gá àgbà fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́rin láti kéde rẹ̀ nínú Fọ́ọ̀mù 8-K. Ẹni tó ní ìpín kan ṣoṣo àti ẹni tó ní mílíọ̀nù kan ń ka ìwé kan náà. Ní ilé-iṣẹ́ aládàáni, ohun tí òfin ilẹ̀ yẹn bá pọn dandan àti ohun tí ẹ bá kọ sínú àdéhùn kí ẹ tó sanwó ni ẹ máa rí. Ẹni tí kò béèrè níbẹ̀rẹ̀ kì í sábà rí i gbà lẹ́yìn náà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ agbára yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ìròyìn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ń ṣì mú. Pé ilé-iṣẹ́ wà lórí ọjà kò túmọ̀ sí pé ẹ ní ohùn nínú rẹ̀. Nígbà tí Snap, ilé-iṣẹ́ tó ni Snapchat, wọ ọjà ní New York ní oṣù kẹta ọdún 2017, ìpín tí wọ́n tà fún gbogbo èèyàn kò ní ẹ̀tọ́ ìdìbò kankan. Ní Meta, ilé-iṣẹ́ tó ni Facebook, irú ìpín tí Mark Zuckerberg tó dá a sílẹ̀ dì mú ní ìbò 10 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ti ará ọjà ní ìbò 1. Onípìn-ín kékeré nínú ilé-iṣẹ́ aládàáni tó ní àdéhùn tó dára lè ní ohùn ju onípìn-ín orí ọjà lọ.

Àǹfààní ti aládàáni náà kò kéré fún ẹni tó ń darí rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń díye lé e lójoojúmọ́, kò sí pé èrè oṣù mẹ́ta lọ sílẹ̀ kí ìpín sì já lulẹ̀ kó tó di ọ̀sán. Ó lè fi ọdún mẹ́ta tún ilé-iṣẹ́ ṣe láì ṣàlàyé fún ará ìta. Ó tún bọ́ lọ́wọ́ owó ọjà, owó agbẹjọ́rò àti owó àwọn tó ń yẹ ìwé wò, èyí tó ń wúwo lórí ilé-iṣẹ́ kékeré ju ńlá lọ. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn kúrò lórí ọjà.

Fífi ẹsẹ̀ ara ẹni jáde: Dell ní ọdún 2013

Mo mú Dell nítorí pé gbogbo ohun tó lè dé bá onípìn-ín kékeré ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà yìí ti wà lórí Nasdaq, ọjà ìpín kan ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1988. Nígbà tó fi máa di 2012, ọjà kọ̀ǹpútà ń lọ sílẹ̀, ìpín náà sì ń já. Michael Dell, tó dá a sílẹ̀, tó sì ní nǹkan bí ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún ìpín rẹ̀, fẹ́ ra ìyókù pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ ìdókòwò Silver Lake kí wọ́n lè mú un kúrò lójú ọjà.

Ẹ wo ibi tí ewu wà. Ẹni tó ń ra ìpín lọ́wọ́ yín ni ọ̀gá àgbà tó mọ inú ilé-iṣẹ́ náà ju ẹnikẹ́ni lọ. Bí iye bá wálẹ̀, òun ló jèrè. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe yan ìgbìmọ̀ kan láàárín àwọn olùdarí tí kò lọ́wọ́ nínú ríra náà láti bá a dúnàádúrà, wọ́n fún ìgbìmọ̀ náà ní ọjọ́ 45 láti wá olùrà míì tó lè san jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì ní ìpín Michael Dell fúnra rẹ̀ kò ní ka nínú ìdìbò náà. Ohun mẹ́ta yìí ni kí ẹ wá nínú ìwé èyíkéyìí tí ẹ bá gbà. Bí ọ̀kan bá sọnù, ẹ béèrè ìdí.

Ní oṣù kejì ọdún 2013, wọ́n kéde dọ́là 13.65 lórí ìpín kan. Kí òkìkí ríra náà tó jáde, ní ọjọ́ 11 oṣù kìíní, dọ́là 10.88 ni wọ́n ń tà á. Ó jẹ́ àfikún bí ìdá mẹ́rin, ó sì dùn létí. Ṣùgbọ́n àwọn onípìn-ín ńlá kan, tí Carl Icahn wà lára wọn, ní owó náà kéré. Wọ́n sún ìdìbò síwájú léraléra láti oṣù keje, nítorí pé òfin rẹ̀ ni pé ẹni tí kò bá dìbò, wọ́n á kà á sí ẹni tó kọ̀. Níkẹyìn wọ́n dúnàádúrà: wọ́n yí òfin náà padà, kí ìbò tí wọ́n dì nìkan máa ka, owó sì di dọ́là 13.75 pẹ̀lú èrè ìpín pàtàkì ti sẹ́ǹtì 13. Ìdìbò wọlé ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án, wọ́n sì parí rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá.

Ẹni tó ní ìpín 100 gba 1,375 dọ́là pẹ̀lú dọ́là 13, àpapọ̀ 1,388. Bó fẹ́, bó kọ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ tó yẹ bá ti dìbò, ìpín rẹ̀ di owó. Ìyẹn ni ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: nínú irú ìjáde yìí, ẹ kì í sábà láǹfààní láti ní ẹ máa dúró nínú ilé-iṣẹ́ náà.

Ọ̀nà kan ló kù fún ẹni tó bá gbà pé wọ́n rẹ́ òun jẹ, ìyẹn kí ó kọ owó náà kí ó sì ní kí ilé-ẹjọ́ díye lé ìpín òun. Àwọn kan ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Delaware. Ní 2016, adájọ́ ní dọ́là 17.62 ló yẹ ìpín kan. Inú wọn dùn, àmọ́ kò pẹ́. Ní oṣù kejìlá 2017, ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà wọ́gi lé ìdájọ́ yẹn, ó ní adájọ́ kò fún iye ọjà àti iye tí wọ́n dúnàádúrà sí ní ìwọ̀n tó yẹ kó fún un. Ọdún mẹ́rin ti kọjá lẹ́yìn tí àwọn yòókù ti ná owó tiwọn.

Ọ̀kan tún wà níbẹ̀ tó máa ń ká mi lára. Ilé-iṣẹ́ T. Rowe Price, tó ń tọ́jú owó fún àwọn èèyàn, ti sọ ní gbangba pé òun kò fara mọ́ iye náà, ó sì fẹ́ lọ sílé ẹjọ́. Àṣìṣe nínú ètò ìdìbò rẹ̀ ló jẹ́ kí ìbò rẹ̀ lọ sí "bẹ́ẹ̀ ni". Ilé-ẹjọ́ ní ẹni tó ti dìbò gbà kò lè padà wá béèrè ìdíyelé, ilé-iṣẹ́ náà sì san nǹkan bí 194 mílíọ̀nù dọ́là fún àwọn oníbàárà rẹ̀ láti fi dí àdánù wọn. Bí ẹ bá ń gbèrò ilé-ẹjọ́, ẹ wo ohun tí ẹ fi àmì sí lórí ìwé ìdìbò lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì kọ ìwé pé ẹ fẹ́ ìdíyelé kó tó di ọjọ́ ìdìbò.

Ní ọjọ́ 28 oṣù kejìlá ọdún 2018, Dell padà sórí ọjà, ní New York báyìí. Ẹni tó gba owó rẹ̀ ní 2013 kò ní ìpín nínú ohun tí wọ́n kọ́ láàárín ọdún márùn-ún yẹn àyàfi bó bá tún rà á ní iye tuntun.

Nígbà tí wọ́n bá ní ẹ lè dúró

Ní ilẹ̀ míì, ilé-iṣẹ́ lè kúrò lórí ọjà láì jẹ́ pé wọ́n fipá ra ìpín gbogbo èèyàn. Ní Ìlú Ọba, ìjáde kúrò lórí ọjà Lọ́ńdọ̀n sábà máa ń nílò ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò àwọn tó bá dìbò. Bí ẹni tó ń ra ilé-iṣẹ́ bá rí ìdá 90 nínú àwọn ìpín tó béèrè fún gbà, òfin fún un láṣẹ láti fipá ra ìyókù ní iye kan náà. Ẹni tó bá wà láàárín iye méjèèjì yìí ni ọ̀rọ̀ máa ń sú jù: olùrà ti kọjá ìdá 75, ilé-iṣẹ́ ti jáde, olùrà kò sì tíì tó 90, nítorí náà kò sí ẹni tó jẹ́ dandan fún láti rà á lọ́wọ́ yín mọ́. Ó di ipò àbúrò inú àpẹẹrẹ mi.

Èrò tèmi ni pé kí onípìn-ín kékeré gba owó, àyàfi bí ohun méjì bá wà lákọsílẹ̀. Èkíní ni pé bí onípìn-ín ńlá bá ta tirẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, ẹ máa tà pẹ̀lú rẹ̀ ní iye kan náà. Èkejì ni pé ẹ máa rí ìwé owó tí wọ́n ti yẹ̀ wò ní ọdọọdún. Ìlérí ẹnu pé "a ò ní gbàgbé yín" kì í ṣe ìkankan nínú méjèèjì.

Nígbà tí ọjà bá lé e jáde

Èyí yàtọ̀ pátápátá, torí kò sí ẹni tó fẹ́ sanwó fún yín. Lórí Nasdaq, bí iye ìpín kan bá wà nísàlẹ̀ dọ́là 1 fún ọjọ́ iṣẹ́ 30 tó tẹ̀ lé ara wọn, ọjà á fi ìwé ìkìlọ̀ ránṣẹ́, ilé-iṣẹ́ á sì sábà ní ọjọ́ 180 láti tún un ṣe. Ọ̀pọ̀ máa ń sọ ìpín mẹ́wàá di ọ̀kan, kí sẹ́ǹtì 60 lè di dọ́là 6. Ẹni tó ní 1,000 á ní 100, àpapọ̀ owó rẹ̀ ò sì yí padà. Ìyẹn kò wo ohunkóhun sàn. Bí ilé-iṣẹ́ bá ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún díẹ̀, mo máa ń kà á sí pé ó ń jẹ owó onípìn-ín láì rí èrè. Àmì míì tó ṣáájú ìléjáde ni kí ìwé ọdún pẹ́ kó tó jáde, tàbí kí ilé-iṣẹ́ tó ń yẹ ìwé wò fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọdún, tàbí kí ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ń ṣiyèméjì bóyá ilé-iṣẹ́ náà lè dúró fún ọdún kan sí i. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí kì í ga lójú ìwé, ṣùgbọ́n òun ni mo máa ń kọ́kọ́ wá.

Luckin Coffee, ilé-iṣẹ́ kọfí kan ní Ṣáínà, wọ Nasdaq ní oṣù karùn-ún 2019 ní dọ́là 17. Ní oṣù kẹrin 2020, ó jẹ́wọ́ pé ó jọ pé wọ́n ti hùmọ̀ ìtajà tó tó bílíọ̀nù yúánì 2.2, ìpín náà sì já bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ́jọ́ kan. Nígbà tó fi di ìparí oṣù kẹfà, Nasdaq ti dá ìtajà rẹ̀ dúró. Ohun tó wá tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí: ìpín náà ń tà lọ lẹ́yìn ọjà, láàárín alágbàtà sí alágbàtà, ilé-iṣẹ́ náà tún ara rẹ̀ ṣe, ní 2023 sì ni iye ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ṣáínà kọjá ti Starbucks. Irú rẹ̀ kò pọ̀. Enron, ilé-iṣẹ́ agbára kan ní Amẹ́ríkà, náà kúrò lórí ọjà New York ní oṣù kìíní ọdún 2002, àwọn onípìn-ín rẹ̀ kò rí nǹkan kan gbà nínú ohun tó kù nílé-iṣẹ́ náà, torí níbi tí ilé-iṣẹ́ bá ti wọko gbèsè, ẹ̀yìn gbogbo olówó ni onípìn-ín ń tò sí.

Ohun tó ya méjèèjì sọ́tọ̀ ni pé Luckin ní ṣọ́ọ̀bù gidi tí àwọn èèyàn ń wọ̀. Ìbéèrè yín nìyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n bá lé ilé-iṣẹ́ yín: tí a bá yọ irọ́ kúrò, ṣé nǹkan kù tó ń pa owó, gbèsè rẹ̀ ńkọ́?

Ìtajà lẹ́yìn ọjà sì ní owó tirẹ̀ tí kò hàn. Bí olùrà bá ń pe sẹ́ǹtì 40 tí olùtà ń pe 55, ẹni tó ra 1,000 san 550 dọ́là, bó bá sì yí padà tà á lọ́jọ́ kan náà, 400 ló máa rí. Ó ti pàdánù ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ láì jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ ṣe ohunkóhun. Ẹ má ṣe sọ pé kí alágbàtà tà á ní iyekíye níbẹ̀. Ẹ dárúkọ iye tí ẹ lè gbà, kí ẹ sì ní sùúrù.

Ọjọ́ mélòó ló kù?

Ní Amẹ́ríkà, Fọ́ọ̀mù 25 ni wọ́n fi ń yọ ìpín kúrò nínú ìwé ọjà, ọjọ́ 10 lẹ́yìn tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ ló sì ń múlẹ̀. Fọ́ọ̀mù 15 ló máa ń tẹ̀ lé e bí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ dá fífi ìwé owó han aráyé dúró. Bí ẹ bá rí ti 25 láì rí ti 15, ìròyìn ṣì lè máa jáde. Bí ẹ bá rí méjèèjì, ìwé tó wà níta báyìí lè jẹ́ ìkẹyìn tí ẹ máa kà, nítorí náà ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ alágbàtà yín kí ọjọ́ ìtajà ìkẹyìn tó pé: ṣé orúkọ yín ni ìpín náà wà lórí rẹ̀ tàbí orúkọ tiwọn, ṣé wọ́n máa bá yín ta ìpín tí kò sí lórí ọjà mọ́, èló sì ni wọ́n máa gbà lórí rẹ̀. Àwọn alágbàtà kan kì í gbà láti ta irú rẹ̀ rárá. Bí tiyín bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ẹ gbé ìpín náà lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì nígbà tó ṣì wà lórí ọjà, nítorí gbígbé e lẹ́yìn ìyẹn máa ń pẹ́ gan-an.